Nọ́ńbà tó bọ́ sí i, ìṣirò tí kò péye: eré keje Pacers àti Knicks, 2024

"Ẹ̀gbọ́n, 235.7 ni mo kọ sílẹ̀, 239 ni eré parí sí. Ẹ̀yin lẹ ní ìṣirò mi kò péye."

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ni àtẹ̀jíṣẹ́ yìí wọlé sórí fóònù mi. Eré keje, èyí tó kẹ́yìn nínú ìpele pléọ́fù láàárín Indiana Pacers àti New York Knicks, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní Madison Square Garden: Pacers 130, Knicks 109. Àbúrò mi ni mo ń pe ọmọkùnrin tó kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá kan náà kọ́ ló bí wa. A jọ máa ń ṣírò iye pọ́ìntì tí ẹgbẹ́ méjì máa jẹ lápapọ̀ nínú eré NBA, a ó sì fi wé ilà tí ilé tẹ́tẹ́ gbé síta, ká tó pinnu bóyá ó yẹ ká fi owó sí òkè ilà, sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tàbí ká kàn fi í sílẹ̀. Mi ò dá a lóhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Òótọ́ ni pé nọ́ńbà rẹ̀ sún mọ́ èsì ju tèmi lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ìṣirò náà kò péye, ó sì gbà mí ní ọjọ́ mẹ́jọ kí n tó rí ohun tí mo lè fi hàn án tí yóò fi gbà.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí aláàkàrà kan máa pa láàárọ̀ kan, ohun méjì lẹ máa bèèrè: èèyàn mélòó ló máa dúró nídìí agbada rẹ̀, èló sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa rà? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àròpọ̀ pọ́ìntì nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, títí tó fi bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì, là ń pè ní ìní kan. Iye ìní tí ẹgbẹ́ kan ń rí láàárín ìṣẹ́jú 48 ni ìyára rẹ̀. Àwọn èèyàn tó dúró nídìí agbada nìyẹn. Iye pọ́ìntì tó ń jẹ nínú ìní 100 ni èrè rẹ̀. Iye tó ń jẹ́ kí alátakò jẹ nínú ìní 100 ni àdánù rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan lè máa jẹ pọ́ìntì púpọ̀ nítorí pé ó ń sáré, òmíràn sì lè máa jẹ ẹ́ nítorí pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń wọlé dáadáa. Lójú ẹni tó kàn wo èsì, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n bá pàdé alátakò tó ń falẹ̀ ni ìyàtọ̀ wọn máa ń hàn.

Ìwé èsì eré kì í sábà kọ iye ìní síbẹ̀. Ohun mẹ́rin tó máa ń wà nínú rẹ̀ la fi ń fojú bù ú:

```
Poss = FGA + 0.44*FTA - ORB + TOV
```

FGA ni iye bọ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ náà jù sí àwọ̀n nígbà tí eré ń lọ. FTA ni jíjù ọ̀fẹ́ lẹ́yìn tí adájọ́ fun fèrè. ORB ni bọ́ọ̀lù tí kò wọlé, tó ta padà, tí ẹgbẹ́ tó jù ú tún gbà mú. A yọ ọ́ kúrò nítorí pé ìní kan náà ló ṣì ń bá a lọ, wọn kò bẹ̀rẹ̀ òmíràn. TOV ni bọ́ọ̀lù tí wọ́n sọ nù sọ́wọ́ alátakò láìjù ú rárá. Ohun tó fà á tí 0.44 fi wà níbẹ̀ ni pé jíjù ọ̀fẹ́ méjì ló sábà máa ń parí ìní kan, èyí tí ì bá fún wa ní 0.5, ṣùgbọ́n àwọn jíjù ọ̀fẹ́ kan wà tí kì í jẹ ìní tuntun rárá, bíi èyí tí wọ́n máa ń fún ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọlé bí wọ́n ṣe ń ṣẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ló fà á wálẹ̀ sí 0.44.

Nísinsin yìí, ẹ wo bí àbúrò mi ṣe dé 235.7. Ó mú iṣẹ́ gbogbo sáà 2023-24. Pacers ló jẹ pọ́ìntì jù lọ ní líìgì lọ́dún yẹn, 123.3 nínú eré kan, wọ́n sì ń jẹ́ kí alátakò jẹ 120.2. Knicks ń jẹ 112.8, wọ́n ń fi 108.2 sílẹ̀. Ìpíndọ́gba ẹgbẹ́ kan ní gbogbo líìgì jẹ́ 114.2. Ní ti ìyára, Pacers wà ní nǹkan bí ìní 102, Knicks tó falẹ̀ jù lọ wà ní nǹkan bí 96, líìgì sì wà ní nǹkan bí 99. Ó fi ìyára pín pọ́ìntì: èrè Pacers jẹ́ 120.9 nínú ìní 100, àdánù wọn 117.8. Èrè Knicks jẹ́ 117.5, àdánù wọn 112.7. Ti líìgì jẹ́ 115.4.

Ẹ dúró díẹ̀ níbi Knicks. Ẹni tó bá wo 112.8 wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ 114.2 ti líìgì á sọ pé wọn ò mọ̀ ọ́n jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pín in sórí ìní, èrè wọn 117.5 ju ti líìgì lọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n jù dáadáa, wọn ò kàn kánjú ni. Títí dé ibí, iṣẹ́ àbúrò mi dára.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni láti pa àwọn méjèèjì pọ̀. Fún ìyára, ó ro ti Pacers àti ti Knicks pọ̀, ó yọ ti líìgì: 102 + 96 - 99, ó kù 99. Fún pọ́ìntì Pacers, ó mú èrè Pacers, ó ro àdánù Knicks mọ́ ọn, ó yọ ti líìgì: 120.9 + 112.7 - 115.4, tó jẹ́ 118.2. Ti Knicks jẹ́ 117.5 + 117.8 - 115.4, tó jẹ́ 119.9. Ìdí tí a fi ń yọ ti líìgì ni pé bí ẹgbẹ́ tó fi 3 ju líìgì lọ bá pàdé ààbò tó tún fi 2 tú ju ti líìgì lọ, àǹfààní méjèèjì ló máa kóra jọ di 5. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn máa ń ro méjèèjì pọ̀ kí wọ́n pín in sí méjì, ìdajì àǹfààní náà á sì sọnù síbẹ̀. Àròpọ̀ èrè méjèèjì wá jẹ́ 238.1 nínú ìní 100. Nínú ìní 99, ó jẹ́ 235.7.

Kò sí ibì kankan nínú ìṣírò yẹn tí ọwọ́ rẹ̀ ti yẹ̀. Ohun tí mo bá a jiyàn lé lórí ṣáájú eré ni àwọn nọ́ńbà tó kó wọlé.

Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé pléọ́fù, ìdíje tó ń tẹ̀ lé sáà, kì í ṣe sáà déédéé. Nínú pléọ́fù, bọ́ọ̀lù kì í tètè rìn, àwọn olùkọ́ni ti kọ́ eré alátakò ní àkọ́sórí, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló sì máa ń di bọ́ọ̀lù mú títí aago ìṣẹ́jú-àáyá 24 á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo máa ń yọ ìní bíi mẹ́rin kúrò ká tó sọ ohunkóhun. Bí ẹ bá fi 95 sí ipò 99, láìfọwọ́ kan èrè ẹnikẹ́ni, 235.7 á wálẹ̀ sí 226.2. Pọ́ìntì mẹ́sàn-án àbọ̀ ti lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ tó wọ oṣù Karùn-ún kì í ṣe ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sáà ní oṣù Kẹwàá. Knicks gba OG Anunoby láti Toronto ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 2023, ààbò wọn sì le sí i lójú ẹsẹ̀. Pacers náà gba Pascal Siakam láti Toronto ní oṣù Kìíní, ẹgbẹ́ tí kì í dá ẹnikẹ́ni dúró wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá èèyàn dúró díẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, lẹ́yìn ìsinmi All-Star ní oṣù Kejì, àwọn adájọ́ dín fèrè kù, pọ́ìntì sì lọ sílẹ̀ káàkiri líìgì. Ìpíndọ́gba gbogbo sáà kó ìdajì àkọ́kọ́ tó kún fún pọ́ìntì pọ̀ mọ́ ìdajì kejì, bí ẹni da ọbẹ̀ àná mọ́ tòní.

Ó gbọ́ mi. Ó wá sọ ohun tí kò jẹ́ kí n lè fọwọ́ rọ́ ọ tì: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo eré kìíní àti ìkejì wọn." Lóòótọ́, eré kìíní parí sí 121-117, ìkejì 130-121. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 238 àti 251. Bí ó bá jẹ́ méjì yẹn nìkan la rí, òun ló jàre. Ṣùgbọ́n mẹ́rin tó tẹ̀ lé e jẹ́ 217, 210, 212 àti 219. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lápapọ̀ fún wa ní ìpíndọ́gba 224.5, tí kò jìnnà sí 226.2 tí mo rí nígbà tí mo fa ìyára wálẹ̀.

Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìnà níbí. Eré mẹ́rin tó kẹ́yìn fún wa ní 214.5, Anunoby sì farapa nínú eré kejì, kò gbá mẹ́rin yẹn. Ó rọrùn láti sọ pé nǹkan ti yí padà, ká sì fi 214 ṣe ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n eré NBA kan ṣoṣo lè jìnnà sí ibi tó yẹ kó wà ní nǹkan bí pọ́ìntì 18 sókè tàbí sísàlẹ̀ láìsí ìdí kankan ju pé bọ́ọ̀lù wọlé tàbí kò wọlé. Nínú eré mẹ́ta, nǹkan bí méjì ló máa ń wà láàárín àyè yẹn, ẹ̀kẹta á sì bọ́ síta. Bí ẹ bá kó mẹ́rin jọ, àyè náà dín kù sí bíi mẹ́sàn-án. Nítorí náà, 214.5 láti inú eré mẹ́rin kò tako ẹgbẹ́ méjì tí ipò wọn gan-an jẹ́ 220. Ẹ tún wo ohun tó wà nínú mẹ́rin yẹn: eré kẹrin parí sí 121-89, ìkarùn-ún 121-91. Nínú eré tó ti bàjẹ́ tó báyẹn, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ máa ń jókòó ní ìdá kẹrin, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ alátakò lópin eré láti dá aago dúró. Nínú eré tó wọra wọn, ìṣẹ́jú kan tó kẹ́yìn lè mú jíjù ọ̀fẹ́ mẹ́wàá wá. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ń gbé àròpọ̀ sókè tàbí fà á wálẹ̀ láìsọ ohunkóhun fún wa nípa èrè ẹgbẹ́.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé mi ṣáájú eré keje ni ìní 94 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti èrè 117 nínú ìní 100. Mo fa èrè sísàlẹ̀ láti 119 nítorí àwọn tí kò sí lórí pápá fún Knicks. Julius Randle ti wà nílé láti oṣù Kìíní, Mitchell Robinson àti Bojan Bogdanović kò sí, Josh Hart ń gbá pẹ̀lú ìrora ikùn, kò sì sí ẹni tó mọ ìṣẹ́jú mélòó ni Anunoby máa lè gbá. Èmi ni mo fojú díwọ̀n 117 yẹn, kò ti inú ìwé ìṣirò kankan wá. Ìní 94 ní 1.17 fún ẹgbẹ́ méjì jẹ́ 220.

Ó kan ilà wàyí. Ilà máa ń yàtọ̀ láti ilé tẹ́tẹ́ kan sí òmíràn, láti àárọ̀ sí alẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi 210.5 ṣe iṣẹ́ yìí. Nọ́ńbà mi fi 9.5 ju ilà lọ. Ti àbúrò mi fi 25.2 jù ú lọ. Ojú rẹ̀ ń dán nítorí 25 yẹn: lójú tirẹ̀, bí àyè bá ṣe fẹ̀ tó ni owó ṣe pọ̀ tó. Lójú tèmi, àyè 25 pọ́ìntì nínú líìgì tí gbogbo ayé ń wò túmọ̀ sí pé ohun kan wà tí ilà mọ̀ tí ìwé wa kò mọ̀.

Ọ̀nà kan wà láti bèèrè lọ́wọ́ ilà pé kí ló gbà gbọ́: ẹ ka ilà náà sẹ́yìn. Bí mo bá fi ìyára mi sílẹ̀ ní 94, tí mo sì fi ìní 188 ti ẹgbẹ́ méjèèjì pín 210.5, ilà ń sọ pé èrè máa jẹ́ 112 nínú ìní 100. Bí mo bá fi èrè mi sílẹ̀ ní 117, ilà ń sọ pé ìní kò ní ju 90 lọ. Mo wá bi ara mi ní ìbéèrè méjì tí mo lè dáhùn: ṣé mo gbà pé àwọn Pacers wọ̀nyí máa gba bọ́ọ̀lù ní ìgbà 90 péré? Ṣé mo gbà pé ẹgbẹ́ méjèèjì máa jù ú burú tó 112? Mo lè gbà díẹ̀ nínú èkíní àti díẹ̀ nínú èkejì: eré keje, ẹsẹ̀ ti rẹ̀ wọ́n, ìbẹ̀rù wà. Nítorí náà, àyè mi kì í ṣe 9.5 mọ́. Nígbà tí mo bá ṣe ìbéèrè kan náà fún nọ́ńbà àbúrò mi, pẹ̀lú ìyára 99 tirẹ̀, ilà ní láti gbà pé èrè máa jẹ́ 106. Kò sí ọlọ́gbọ́n kan tó máa gbé irú ilà bẹ́ẹ̀ síta. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé ilà kò gbà pé 99 wà rárá.

Àṣà mi ni pé ìdá kan nínú mẹ́ta àyè náà ni mo máa ń gbà, mo sì máa ń fi ìyókù fún ilà, nítorí pé owó àwọn tó mọ̀ jù mí lọ ti wà nínú rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta 9.5 jẹ́ 3.2. Pẹ̀lú ìfọ́nká 18 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà tó fi 3.2 ju ilà lọ máa ń ṣẹ́gun bíi ìgbà 57 nínú 100. Ilé tẹ́tẹ́ tó ń san 1.90 ń gba owó iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀: ẹni tó bá fi 1,000 náírà sílẹ̀ á gba 1,900, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ṣẹ́gun nínú nǹkan bíi 53 nínú 100 kó tó rí owó rẹ̀ padà. 57 ju 53 lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló fi jù ú. Owó kékeré ló yẹ irú àyè bẹ́ẹ̀, owó kékeré náà sì ni mo fi sí òkè. Àbúrò mi fi ìlọ́po márùn-ún tèmi sí i.

Wọ́n gbá eré. Láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni bọ́ọ̀lù Pacers ti ń wọlé bí ẹni ń jù ú sínú kànga. Wọ́n ju 79, 53 wọlé: ìdá 67.1 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí ẹgbẹ́ kankan kò ṣe rí nínú eré pléọ́fù NBA kan. Anunoby kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún lórí pápá. Ọwọ́ Jalen Brunson kán ní ìdajì kejì. Donte DiVincenzo nìkan jẹ 39 fún Knicks. 130 àti 109, àròpọ̀ 239.

Ẹ wá wo 79 yẹn dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní sáà déédéé, Pacers máa ń ju bọ́ọ̀lù tó ju 90 lọ nínú eré kan. Jíjù ọ̀fẹ́ tó wọlé fún wọn lálẹ́ yẹn jẹ́ 11 péré. Kí ìní tó lè dé 99, bọ́ọ̀lù tí wọ́n sọ nù gbọ́dọ̀ fi bíi 14 ju èyí tó ta padà tí wọ́n gbà mú lọ, ẹni tó bá sì wo eré náà mọ̀ pé kò jọ bẹ́ẹ̀. Mo fojú bù ú sí 92, bóyá kó tún dín díẹ̀.

Nígbà náà, nọ́ńbà àbúrò mi tú sí ọ̀nà méjì. Bí ó bá ti mọ̀ pé ìní máa jẹ́ 92, èrè 238.1 rẹ̀ ì bá fún un ní 219.1, ìyára nìkan ti mú kó fi 16.6 kọ jù. Láti 219.1 dé 239 jẹ́ 19.9, èyí ni èrè tí kò rí tẹ́lẹ̀. Àṣìṣe bíi mẹ́tàdínlógún sókè, àṣìṣe ogún sísàlẹ̀, wọ́n pàdé ara wọn lọ́nà, ó ku 3.3. Ohun tó jọ pípéye lójú rẹ̀ nìyẹn. Tèmi náà tú báyìí: ìyára mi fi 4.7 jù, èrè mi sì fi 23.7 dín. Mi ò lè sọ pé mo mọ eré náà. Owó tí mo rí gbà kì í ṣe nítorí ìṣirò mi; ẹni tó wà ní òkè ilà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìbáà jẹ́ àlá ló lá, ti gba owó. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa ni pé ìyára jẹ́ ohun tí ó máa ń tún ara rẹ̀ ṣe láti eré kan sí èkejì, tèmi sì sún mọ́ ọn. Ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún kì í tún ara rẹ̀ ṣe.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ Ajé. Ó dáhùn pé, "Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n owó wọlé." Ó sì ti ṣe ìṣirò fún ìpele tó kàn, Pacers àti Boston Celtics, lọ́nà kan náà.

Celtics ń jẹ 120.6 ní sáà yẹn, wọ́n ń fi 109.2 sílẹ̀, ìyára wọn jẹ́ nǹkan bí 98. Bí ẹ bá tọ ọ̀nà àbúrò mi, èrè méjèèjì lápapọ̀ jẹ́ 242.4, ìyára 101, àròpọ̀ 244.8. Mo yọ ìní mẹ́rin kúrò, ó kù 97, mo rí 235.1. Mo kọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Eré kìíní, ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún: Boston 133, Indiana 128. Àròpọ̀ 261. Àbúrò mi tún pè mí, ayọ̀ ń ru. Mo ní kó wo ibi tí eré wà nígbà tí ìṣẹ́jú 48 pé. 117-117 ni. Jaylen Brown ló ju bọ́ọ̀lù oní-pọ́ìntì mẹ́ta wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, tó fi dọ́gba. 234 ni eré gan-an. 27 tó kù jẹ́ ti àfikún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ilé tẹ́tẹ́ máa ń ka àfikún mọ́ àròpọ̀, nítorí náà ẹni tó wà ní òkè ní ẹ̀tọ́ sí owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìṣirò péye, ìṣẹ́jú 48 ni a gbọ́dọ̀ wò, torí pé òun nìkan ni a ṣírò.

Eré kejì parí sí 126-110, àròpọ̀ 236. Tyrese Haliburton, ẹni tí gbogbo ìyára Pacers wà lọ́wọ́ rẹ̀, farapa níbẹ̀, kò sì gbá mọ́. Ẹ̀kẹta jẹ́ 114-111, àròpọ̀ 225. Ẹ̀kẹrin, ní ọjọ́ 27, jẹ́ 105-102, àròpọ̀ 207, Boston sì lọ sí ìpele àṣekágbá. Nínú ìṣẹ́jú 48, èsì wọn jẹ́ 234, 236, 225, 207. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó dé 244.8.

Mi ò ní sọ pé 235.1 mi dára nítorí pé ó bọ́ sáàárín 234 àti 236. Eré méjì kéré jù láti fi yangàn, mo sì ti sọ bí 18 ṣe lè tan èèyàn jẹ. Èmi náà kò tètè fa nọ́ńbà mi wálẹ̀ tó nígbà tí Haliburton jókòó: mo yọ ìní méjì, mi ò fọwọ́ kan èrè, nígbà tó jẹ́ pé òun náà ló ń pín bọ́ọ̀lù fún gbogbo ẹni tó ń jù ú wọlé. 230 ni mo kọ fún eré kẹta àti ìkẹrin, ó sì ga jù fún méjèèjì.

Alẹ́ ọjọ́ 27 yẹn ni àbúrò mi pè, kò kọ̀wé mọ́. Ó ti pàdánù ohun tó jẹ ní eré keje àti díẹ̀ sí i. Kò sọ̀rọ̀ owó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá fẹ́ ka ìní fúnra mi láti inú ìwé èsì, ibo ni mo ti máa rí iye bọ́ọ̀lù tó ta padà?" A jókòó sórí fóònù, a ka eré kẹrin náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì. Láti ìgbà yẹn, ó ti fi òpó méjì kún ìwé rẹ̀, ọ̀kan fún ìní tó retí, ọ̀kan fún ìní tó rí, ó sì máa ń kọ wọ́n kó tó kọ bóyá tíkẹ́ẹ̀tì náà wọlé.